Ọ̀wọ̀ Nínú Àtẹ̀jíṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Tọrọ Àyè Lọ́wọ́ Ọ̀gá Lédè Méjì

Ká ní ìyá òṣìṣẹ́bìnrin kan ní Ìbàdàn ṣàìsàn lóru, tí obìnrin náà kò sì ní lè lọ síbi iṣẹ́. Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ sọ sí i lẹ́nu:

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọrọ àyè òní lọ́wọ́ yín. Ara màmá mi ò yá lóru àná, a ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní kí n dúró tì wọ́n títí dókítà á fi dé. Ẹ má bínú sà.”

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní láti yí i padà. “Wọn” ló máa kọ́kọ́ dà á láàmú. Màmá kan ṣoṣo ni, ọ̀wọ̀ ló sọ ọ́ di “wọn”. Bó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá lè rò pé gbogbo ilé ló ṣàìsàn. Ta ló tún ní kó dúró, màmá ni àbí àwọn nọ́ọ̀sì? Yorùbá gbà kó fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì máa ní kó dárúkọ ẹni náà.

“Ẹ” àti “yín” ńkọ́? “Yù” kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ọ̀gá àti ọmọ ọwọ́, nítorí náà ọ̀wọ̀ ní láti wá ibòmíràn jókòó sí. “Sà” kan níbẹ̀rẹ̀ ti tó; èyí tó bá pọ̀ jù á dà bí ẹ̀bẹ̀ ẹni tó jẹ̀bi. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni “mo fẹ́ tọrọ àyè”. Bó bá gbé “mo fẹ́” lọ bó ṣe wà, ó ti pàṣẹ nìyẹn. Kó sọ ọ́ di ìbéèrè: ṣé wọ́n lè fún òun láyè lónìí?

Ká wá yí i sí òdìkejì. Ó kọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ fi Yorùbá ránṣẹ́ sí bàbá tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àdúgbò wọn, pé òun ò ní lè wá sí ìpàdé. “Ẹ” máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ dáadáa. Tó bá di ìlà kẹta, “rẹ” á yọ́ wọlé, “mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ”, gbogbo ìkúnlẹ̀ tó ti ń bọ̀ látòkè sì ti bàjẹ́. Kó tó fi í ránṣẹ́, kó wo kìkì àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí, kó fi ìyókù sílẹ̀: o, ẹ, rẹ, yín.

Gbólóhùn ìparí Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí wọ́n pe òun bí nǹkan kan bá wà, ìwà tútù ni lọ́hùn-ún. Ní Yorùbá, “ẹ pè mí” ṣì ń rán àgbàlagbà níṣẹ́, bí “ẹ” tilẹ̀ wà níbẹ̀. “Màá pè yín tó bá di ìrọ̀lẹ́ sà” ló yẹ ẹ́.