Ohun Tó Lè Mú Mítà Ṣúgà Parọ́ fún Wa: Fítámì Sí, Parasitamọ́ọ̀ àti Ẹ̀jẹ̀ Tó Ki Jù

Nínú ẹgbẹ́ wa níbí ní Sábóńgàrì, Kánò, ó ti mọ́ àwọn àgbà tó ní àtọ̀gbẹ lára láti máa gbé mítà ṣúgà dání wá sí ìpàdé. Wọ́n á gún ìka, wọ́n á kan ẹ̀jẹ̀ mọ́ sítírípù, nọ́ńbà á jáde, ohun tí mítà bá sì sọ ni wọ́n á tẹ̀ lé. Mítà dára, a ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn ìgbà kan wà tí mítà kì í sọ òótọ́, kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́.

Àpéjẹ ọmọ ìyá yìí kù dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ní ara ń ro àwọn. Wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń fa omi okun fún ènìyàn, èyí tó wọ́pọ̀ láàrin ìgboro báyìí. Ẹni tó fa omi náà da fítámì Sí sí i, ìgò kékeré mẹ́wàá. 500 mg ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 5. Kò tíì tó wákàtí kan lẹ́yìn tí omi tán tí ìyá fi gún ìka kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Mítà sọ pé 221 mg/dL. Dókítà wọn sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé bí ó bá ti lé ní 200 kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n fi díẹ̀ kún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì wọn.

Wọ́n ti mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó ọmọ wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wọlé. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Kí ni wọ́n dà sínú omi tí wọ́n fà fún yín?" Ìyá ní, "Fítámì ni, ìyàwó mi. Fítámì ò pa ènìyàn." Ìyàwó ní, "Fítámì ò pani, Mà, ṣùgbọ́n ó lè ti mítà ṣìnà, abẹ́rẹ́ tí ẹ bá wá gún nítorí mítà ló lè pani." Wọ́n lọ sí láàbù alẹ́, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ní apá. 172 ni láàbù rí. Mítà ti fi 49 lé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí fítámì ti jáde lára, wọ́n tún dán méjèèjì wò pa pọ̀: mítà sọ pé 151, láàbù sọ pé 146. Mítà kan náà ni, sítírípù inú ìgò kan náà ni.

Bí sítírípù ṣe ń ka ṣúgà

Kò sí ojú lára sítírípù tó fi ń rí ṣúgà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ẹńsáìmù, tó máa ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó sì máa ń gba iná mànàmáná kíún lára rẹ̀. Fún ẹyọ ṣúgà kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n iná méjì ló ń já bọ́. Iná yẹn ni mítà ń kà. Bí iná bá pọ̀, ó ní ṣúgà pọ̀. Bí iná bá kéré, ó ní ṣúgà kéré. Mítà kò bèèrè ibi tí iná ti wá.

Ibẹ̀ ni fítámì Sí ti ń wọlé. Òun náà jẹ́ èròjà tó máa ń yọ̀ǹda iná, méjì méjì bíi ti ṣúgà. Bí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò lọ tú iná tirẹ̀ sórí sítírípù, mítà á sì kà á mọ́ ti ṣúgà. Ó dà bí ìgbà tí ẹlòmíràn da owó tirẹ̀ sínú àpótí ọjà wa: bí a bá kà á lálẹ́, a ó rò pé ọjà tà.

Sítírípù àtijọ́ kan tún wà tó ń fi àwọ̀ ṣiṣẹ́, tí kì í lo iná. Ní ti ìyẹn, fítámì Sí máa ń jẹ èròjà tó yẹ kó pa àwọ̀ náà dà, nítorí náà yóò fa nọ́ńbà wálẹ̀. Àwọn láàbù kan ń lo irú ọ̀nà àwọ̀ yìí títí di òní. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì wa fi kọ́kọ́ sọ fún láàbù pé wọ́n ti fa fítámì Sí fún ìyá, kí wọ́n lè lo ọ̀nà hẹkisokináàsì, tí fítámì Sí kì í fi bẹ́ẹ̀ dà láàmú.

Ẹ má torí èyí ju ọsàn nù. Èyí tí a bá jẹ lẹ́nu, ìfun ò lè gba gbogbo rẹ̀ wọlé, kíndìnrín á sì tọ èyí tó bá ṣẹ́ kù jáde. Nítorí náà, tábúlẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn 100 mg tí a ń jẹ kì í sábà gbé ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ dé ibi tó lè da sítírípù rú. Ìwé inú páálí sítírípù kan kọ ọ́ pé bó bá ti ju 3 mg/dL lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fà sínú iṣan ló máa ń fò kọjá ibẹ̀ kíákíá, nítorí kò gba ọ̀nà ìfun. Lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á jáde láàrin wákàtí díẹ̀. Lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀, ó lè pẹ́ gan-an. Ẹ sì mọ̀ pé àtọ̀gbẹ àti àìsàn kíndìnrín sábà máa ń rìn pọ̀.

Ewu rẹ̀ jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ènìyàn á gún ínsúlíìnì tí kò yẹ. Èkejì burú jù ú lọ: bí ṣúgà bá ti já sí 55 ní tòótọ́, mítà lè sọ pé 100. Ẹni náà ń làágùn, ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú ń ṣú, àwọn ará ilé á sì ní, "Mítà ní ó dára."

Ti parasitamọ́ọ̀ ńkọ́?

Parasitamọ́ọ̀ náà lè tú iná sórí sítírípù kan. Òun ò tiẹ̀ ní ojú kan: ó ń gbé nọ́ńbà ga lórí irú sítírípù kan, ó ń fà á wálẹ̀ lórí òmíràn, nítorí ẹńsáìmù inú wọn yàtọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì 500 mg méjì lẹ́ẹ̀kan, bí a ṣe ń lò ó fún ibà, kì í sábà yọ sítírípù òde òní lẹ́nu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ẹni tó lò ó kọjá òdiwọ̀n. Gíráàmù 4 lóòjọ́, ìyẹn tábúlẹ́ẹ̀tì 8, ni òpin fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ pé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń kọjá ibẹ̀ láìmọ̀, nítorí parasitamọ́ọ̀ wà nínú púpọ̀ nínú oògùn ọ̀fìnkìn àti oògùn ara ríro alápòpọ̀ tí a ń rà ní kẹ́mísì. Ẹni tó bá mu ún ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wà nínú ewu, kó lọ sí ọsibítù kíákíá, kó sì sọ fún wọn kí wọ́n má gbára lé sítírípù nìkan.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ki jù

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn rárá. Ṣúgà tí sítírípù ń wá wà nínú omi ẹ̀jẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá pọ̀ jù, omi náà á dín kù nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ á ki, sẹ́ẹ̀lì á sì dí ọ̀nà mọ́ ṣúgà kó má lè tètè dé ibi ẹńsáìmù. Mítà á wá ka nọ́ńbà tó kéré ju òótọ́ lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá kéré, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: nọ́ńbà á ga ju òótọ́ lọ.

Ọkùnrin kan tó ń kó ẹrù lọ sí Màídúgùrì nínú ẹgbẹ́ wa ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mítà rẹ̀ kì í ju 150 lọ láàárọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò jiná. Nígbà tí láàbù fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 188 ní àárọ̀ tí mítà sọ pé 149. Lórí ìwé àyẹ̀wò kan náà, PCV rẹ̀ jẹ́ 58. PCV ni ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí 40 sí 50 ló máa ń jẹ́ lára ọkùnrin. Wọ́n wo ìwé inú páálí sítírípù rẹ̀: 30 sí 55 ni wọ́n ní ó lè ṣiṣẹ́ fún. Gbogbo ìgbà tó fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mítà, ṣúgà ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Àwọn tí PCV wọn lè ga bẹ́ẹ̀ ni amusìgá, ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tipẹ́, ọmọ tuntun jòjòló, àti ẹni tí omi ara rẹ̀ gbẹ nítorí ìgbẹ́ gbuuru, èébì tàbí oòrùn líle bíi tìhín. Ẹ kíyè sí èyí tó kẹ́yìn yìí, torí ṣúgà tó ga jù fúnra rẹ̀ ń mú ènìyàn tọ̀ títí ara á fi gbẹ. Nígbà tí ṣúgà bá le jù gan-an ni mítà lè máa fojú kéré rẹ̀. Àwọn tí PCV wọn máa ń kéré, tí mítà lè ṣe àsọdùn fún, ni àwọn tí jínótáìpù wọn jẹ́ SS, aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù, ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àti ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu.

Bí a ṣe lè mọ̀

Omi àyẹ̀wò tó máa ń bá mítà wá kò lè fi èyí hàn. Kò sí sẹ́ẹ̀lì pupa nínú rẹ̀, kò sì sí fítámì tí wọ́n fà fún wa. Ó lè sọ pé sítírípù dára, kí ìka tiwa sì jáde ní irọ́.

Ìwé pélébé inú páálí sítírípù ni ká kọ́kọ́ wò. Ibi tí wọ́n ti kọ ohun tó lè ṣèdíwọ́ la máa rí fítámì Sí, parasitamọ́ọ̀ àti òdiwọ̀n PCV. Kí a gbé òdiwọ̀n yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ PCV tiwa tó wà lórí ìwé láàbù. Bí tiwa bá wà níta, ká wá sítírípù tí òdiwọ̀n rẹ̀ gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà lọ́jà.

Lẹ́yìn náà, ká fi mítà àti láàbù wé ara wọn lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀ ká tó jẹun, kí ìgbà tí a gún ìka àti ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ apá má jìn síra. Ká má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ apá náà pẹ́ nílẹ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà lọ. Láàbù tó mọṣẹ́ á fi í sínú ìgò oníflóráídì. Bí ṣúgà bá ti tó 100 sókè, ìyàtọ̀ tí kò ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ṣeé gbà. Ti ìyá wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, 151 sí 146, ìdá 3 péré ni. Ti awakọ̀ wa, 149 sí 188, ó lé ní ìdá 20.

Bí ara bá sì ń sọ ohun kan tí mítà ń sọ òmíràn, ara ni ká gbà gbọ́. Ẹni tó ń làágùn, tó ń gbọ̀n, kó mu omi ṣúgà kó tó wá láàbù lọ. Ẹni tó ń tọ̀ ṣáá, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí mítà ní ó dára, kó lọ fa ẹ̀jẹ̀ apá lọ́jọ́ náà.

Ìyá wa ti lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn mítà wọn báyìí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: "Bí wọ́n bá fa omi fún mi, láàbù ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má bi mí."