Mẹ́sàn-án, Mẹ́ta, Mẹ́ta, Ọ̀kan: Ìṣirò Ìrísí Ọmọ Lórí Jíìnì Méjì

Ìrísí ni ohun tí ojú ń rí, tàbí tí àyẹ̀wò ń fi hàn, lára ohun ẹlẹ́mìí: àwọ̀, gíga, irú ẹ̀jẹ̀. Jíìnì ló ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀, méjì-méjì sì ni jíìnì ń wà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí méjèèjì kò bá jọra, ọ̀kan lè borí kí èkejì sì sápamọ́. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ èyí tó ń borí, lẹ́tà kékeré ni ti èyí tó ń sápamọ́. Nígbà tí ìbéèrè bá kan jíìnì méjì pa pọ̀, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ni iye ọmọ tó yẹ kó ní ìrísí kọ̀ọ̀kan.

Gregor Mendel, àlùfáà kan ní ìlú Brünn tí wọ́n ń pè ní Brno lónìí, ló kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí yanjú. Ẹ̀wà píì ló fi ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún 1856, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1866. Ó mú ẹ̀wà tí kóró rẹ̀ rí roboto tó sì ní àwọ̀ ìyeyè, ó fi bá èyí tí kóró rẹ̀ hunjọ tó sì ní àwọ̀ ewé dà pọ̀. Roboto (R) ń borí híhunjọ (r), ìyeyè (Y) sì ń borí àwọ̀ ewé (y). Nítorí náà RRYY ni òbí kan, rryy ni èkejì, gbogbo ọmọ wọn sì jẹ́ RrYy: roboto, ìyeyè, láìku ọ̀kan. Mendel wá jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí so fúnra wọn. Lórí igi 15, kóró 556 ló kà: 315 jẹ́ roboto onííyeyè, 108 jẹ́ roboto aláwọ̀ ewé, 101 hunjọ wọ́n sì jẹ́ ìyeyè, 32 péré ló hunjọ tí wọ́n tún ní àwọ̀ ewé.

Ibi tí ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ìbísí, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti ẹyin. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú méjì jíìnì kọ̀ọ̀kan ló ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìbísí. Jíìnì ìrísí kóró àti ti àwọ̀ wà lórí krómósómù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí krómósómù kan sì ṣe pín kò sọ bí èkejì yóò ṣe pín. Sẹ́ẹ̀lì tó gba R lè gba Y, ó sì lè gba y. Bákan náà ni èyí tó gba r. Igi RrYy á wá mú irú sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin jáde ní iye kan náà: RY, Ry, rY àti ry. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ Rr sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí sẹ́ẹ̀lì ìbísí kan ti ṣìnà níbẹ̀, nítorí ó ti kó ẹyọ méjèèjì sínú ibi tí ẹyọ kan nìkan lè wọ̀.

Ìwé ẹ̀kọ́ púpọ̀ máa ń ya àpótí mẹ́rìndínlógún láti fi bá irú mẹ́rin pàdé irú mẹ́rin. Kò burú fún ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, àṣìṣe sì rọrùn nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù ni kí a mú jíìnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí a wá sọ èsì wọn di ìlọ́po. Rr pẹ̀lú Rr ń mú RR kan, Rr méjì àti rr kan wá nínú mẹ́rin: 3/4 yóò jẹ́ roboto, 1/4 yóò hunjọ. Yy pẹ̀lú Yy náà ń mú 3/4 ìyeyè àti 1/4 àwọ̀ ewé wá. Níwọ̀n bí jíìnì méjèèjì kò ti dá sí ara wọn, ìṣirò tó kù nìyí:

roboto, ìyeyè: 3/4 × 3/4 = 9/16
roboto, àwọ̀ ewé: 3/4 × 1/4 = 3/16
híhunjọ, ìyeyè: 1/4 × 3/4 = 3/16
híhunjọ, àwọ̀ ewé: 1/4 × 1/4 = 1/16

Ibẹ̀ ni 9:3:3:1 ti wá. Kóró 556 tí Mendel kà, bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, ìpín kan jẹ́ 34.75. Iye tí a retí á wá jẹ́ 312.75, 104.25, 104.25 àti 34.75. Ohun tó rí kò jìnnà rárá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìdánwò ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ 9:3:3:1 sí gbogbo ìbéèrè tó bá ti rí jíìnì méjì. Ìgbà tí òbí méjèèjì bá jẹ́ RrYy nìkan ni iye náà ń jáde. Bí òbí kan bá jẹ́ RrYy tí èkejì sì jẹ́ Rryy, ti ìrísí kóró kò yí padà, 3/4 àti 1/4 ni. Ṣùgbọ́n Yy pẹ̀lú yy ń mú ìdajì ìyeyè àti ìdajì àwọ̀ ewé wá. Roboto onííyeyè á jẹ́ 3/8, roboto aláwọ̀ ewé 3/8, híhunjọ méjèèjì á sì jẹ́ 1/8 lọ́kọ̀ọ̀kan: 3:3:1:1. Bí kóró bá jẹ́ 160, ohun tí a retí ni 60, 60, 20 àti 20.

Ìṣirò kan náà ló wà fún ènìyàn. Jíìnì tó ń fa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde wà lórí krómósómù kọkànlá, ti irú ẹ̀jẹ̀ A, B àti O sì wà lórí ìkẹsàn-án. Ká ní tọkọtaya kan jẹ́ AS méjèèjì, tí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì sì jẹ́ irú A ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé O sápamọ́. Ọmọ tó máa jẹ́ SS jẹ́ 1/4, èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa jẹ́ O jẹ́ 1/4, èyí tó máa jẹ́ méjèèjì pọ̀ sì jẹ́ 1/16. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀ lákọ̀tun. Bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, ìyẹn kò gba ọmọ kejì sílẹ̀ lọ́wọ́ 1/4 rẹ̀.

Gbogbo èyí dúró lórí pé jíìnì méjèèjì ń pín láìdúró de ara wọn, kì í sì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. William Bateson àti Reginald Punnett ṣe irú ìdàpọ̀ yìí lára ẹ̀wà olódòdó kan tó ń ta sánsán, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Òbí kan ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò àti lẹ́búlẹ́bú gígùn, èkejì ní òdòdó pupa àti lẹ́búlẹ́bú roboto. Nínú igi 381 tí wọ́n kà ní ìran kejì, ó yẹ kí wọ́n rí nǹkan bí 214, 71, 71 àti 24. Ohun tí wọ́n rí ni 284, 21, 21 àti 55. Àwọn tó jọ òbí méjèèjì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tó da ìrísí òbí pọ̀ sì kéré jọjọ. Àmì pé jíìnì méjèèjì wà nítòsí ara wọn lórí krómósómù kan náà nìyẹn, tí wọ́n sábà máa ń bá ara wọn wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìbísí kan.

Láti mọ̀ dájú, a ó fi RrYy bá rryy dà pọ̀. Lọ́dọ̀ òbí rryy, ry nìkan ló ń jáde, nítorí náà ìrísí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń sọ irú sẹ́ẹ̀lì tí òbí kejì fún un. Bí ìrísí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìlọ́po ìdá ṣeé lò. Bí méjì bá pọ̀ ju méjì yòókù lọ dáadáa, kí ọmọ tí a kà má sì kéré jù, kò ṣeé lò fún jíìnì méjì yẹn.