Fóònù Tó Ń Sùn Lórí Ọ̀rọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ òkè n'Ìbàdàn. Áàpù kan ni àwọn oníbàárà fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, àkáǹtì kan ṣoṣo náà ló sì wà lórí fóònù rẹ̀ àti ti ọmọṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo yà kí i ní ṣọ́ọ̀bù, ẹjọ́ fóònù ló kọ́kọ́ rò fún mi.

"Àbúrò mi, ti ọmọ yìí ń dún, tèmi kì í dún. Tí mo bá ṣí áàpù yẹn báyìí, ọ̀rọ̀ méje á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ìyàwó kan béèrè sáńyán láàárọ̀, ọ̀sán ni mo rí i. Ó ti rà á níbòmíràn."

"Ṣé ẹ ti pa fóònù náà, kí ẹ tún un tàn?"

"Mo ti pa á, mo ti ra détà, mo ti yọ áàpù náà kúrò, mo tún ti gbé e padà. Ó dún fún ọjọ́ kan, ló bá tún dákẹ́."

Àlàyé yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹjọ́ náà tán. Fóònù méjèèjì ń lo Wáìfáì kan náà. Bí ti ọmọṣẹ́ bá ń dún, ẹni tó fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kò jẹ̀bi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kò sì jẹ̀bi. Mo wo ibi tí wọ́n kọ Notifications sí nínú ètò fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ó wà ní títàn. Ohun tó kù ni ohun tí fóònù yẹn gan-an ń ṣe sí áàpù náà nígbà tí wọn kò bá wò ó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbogbo áàpù ló ń jókòó nínú fóònù, tí kálukú ń dúró de ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, bátìrì kò ní rí ọ̀sán. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù Áńdíróìdì, ọlọ́dẹ kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ géètì fún gbogbo ilé. Google Play services ni orúkọ rẹ̀ lójú fóònù. Òun ló ń di okùn kan mú láàárín fóònù àti kọ̀ǹpútà Gúúgù ní gbogbo ìgbà. Bí oníbàárà bá kọ̀wé, ilé iṣẹ́ tó ni áàpù á gbé ọ̀rọ̀ fún Gúúgù, Gúúgù á gbé e fún ọlọ́dẹ, ọlọ́dẹ á sì lọ kan ilẹ̀kùn yàrá tí áàpù náà ń sùn sí. Áàpù á jí, fóònù á dún.

Ohun méjì ló lè dí ọlọ́dẹ yìí lọ́wọ́, wọn kò sì jọra.

Àkọ́kọ́ ni oorun fóònù fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2015 tí Áńdíróìdì 6 ti jáde ni wọ́n ti fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní Doze sínú rẹ̀. Bí ojú fóònù bá kú, tí kò sí lórí ṣáájì, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé e kúrò níbi tó wà fún ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Á máa jí ráńpẹ́ láti gba ohun tó ti ṣẹ́ jọ, àárín ìjí kan sí èkejì á sì máa gùn sí i bí ó bá ṣe ń pẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lè sàmì sí i pé kánjúkánjú ni, ọlọ́dẹ á sì gbé irú èyí wọlé lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò ní àmì náà á dúró di ìgbà tí fóònù bá tún jí. Nítorí náà, Doze máa ń fi ọ̀rọ̀ pẹ́ ni, kì í pa á. Bí o bá gbé fóònù tàbí tí o kì í sórí ṣáájì, ó tán.

Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yàrá náà kò sùn, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Bí ẹ bá lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Apps, tí ẹ yan áàpù náà, tí ẹ wá tẹ Battery, lórí Áńdíróìdì 12 àti èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, ẹ óò sábà rí ọ̀nà mẹ́ta: Unrestricted, Optimized àti Restricted. Èyí tó wà láàárín ni áàpù sábà máa ń bá wá. Bó bá bọ́ sí Restricted, Gúúgù kò ní gbé ọ̀rọ̀ fún áàpù náà mọ́ nígbà tí kò bá sí níwájú yín. Bí ẹ bá tẹ Force stop, bákan náà ni, títí ẹ óò fi ọwọ́ ara yín ṣí i. Lórí fóònù àwọn ilé iṣẹ́ kan, bí ẹ bá gbá áàpù kúrò nínú àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò, bí ìgbà tí ẹ tẹ Force stop ló ṣe máa ń rí.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tó ń ṣe fóònù? Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣí áàpù náà, kó jáde sójú fóònù láì gbá a kúrò, a sì dúró ìṣẹ́jú 10. Mo fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ nígbà tí ojú fóònù ṣì tàn. Kò dún. A pa ojú rẹ̀, a kì í sórí ṣáájì fún wákàtí kan, mo tún fi ránṣẹ́. Kò dún. Bó bá jẹ́ Doze nìkan ni, méjèèjì yìí ì bá dún, ìgbà tí fóònù bá dá wà lórí káńtà láì sí ṣáájì nìkan ni ì bá dákẹ́. A kò nílò ìdánwò kẹta mọ́. Ilẹ̀kùn títì ni.

Mo ṣí Battery, mo bá a ní Restricted.

"Ta ló fi síbẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Òun náà ni. Nígbà tí wọn kò mú iná wá fún ọjọ́ mélòó kan, fóònù ti sọ fún un pé áàpù yìí ń jẹ bátìrì, ó bi í bóyá kí òun dín in kù, ó sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó yọ áàpù náà tó tún gbé e padà, ètò náà padà sí Optimized, ìdí nìyẹn tó fi dún fún ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, fóònù tún béèrè, ó tún gbà. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kì í dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Mo yí i sí Unrestricted. Mo tún wo àwọn ibòmíràn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù lè ti fi àgádágodo tirẹ̀ sí, torí orúkọ yàtọ̀ síra. Lórí Samsung, inú Battery ni Deep sleeping apps wà, kí ẹ sì yọ áàpù náà kúrò níbẹ̀. Lórí Xiaomi, kí ẹ tan Autostart fún un. Àwọn áàpù tí wọ́n pè ní agbálẹ̀ fóònù náà lè máa pa àwọn yòókù.

Kí ẹ má tìtorí èyí fi gbogbo áàpù sí Unrestricted. Bátìrì ló máa san án. Èyí tí owó ń gbà wọlé nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi yàn. Kí ẹ tún mọ̀ pé bí ilé iṣẹ́ tó ni áàpù kò bá sàmì kánjúkánjú sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ṣì lè pẹ́ díẹ̀ nígbà tí fóònù bá sùn. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù.

Mo jáde, mo lọ jókòó sí ọ̀nà jíjìn fún wákàtí kan, fóònù náà sì wà lórí káńtà láì sí ṣáájì. Mo wá kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni sáńyán?" Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi wọlé, owó gidi ló dá lé e. Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù tí mo sọ pé èmi ni mo béèrè, ẹ̀gbọ́n mi kò ní òun dín kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀.