Sísin Ìgbín: Òwò Ìdákẹ́jẹ́ fún Onítìjú

Sísin ìgbín wà lára iṣẹ́ tí onítìjú lè fi rí owó láìjókòó ní ìsọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹran ọ̀sìn tí kì í ké ni, kì í sì í fò wọ ọgbà aládùúgbò kó fa ẹjọ́. Alẹ́ ló ń jẹun, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ọ̀rọ̀ púpọ̀ máa ń rẹ̀ ni pé kò dìgbà tó bá ń tajà lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ta ẹyin adìyẹ gbọ́dọ̀ wá oníbàárà kí ẹyin rẹ̀ tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìgbín lè wà nínú àpótí di ìgbà tí owó rẹ̀ bá dára, kí ẹnì kan ṣoṣo sì wá kó gbogbo rẹ̀.

Àpótí pákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. A ó dá ihò kéékèèké sí ìdí rẹ̀ kí omi lè ro jáde, a ó fi nẹ́ẹ̀tì bo orí rẹ̀, a ó sì gbé e sí abẹ́ igi tó ní ibòji. Iyẹ̀pẹ̀ inú àpótí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, torí inú rẹ̀ ni ìgbín ń yé ẹyin sí. Amọ̀ máa ń le gbagidi, yanrìn kì í sì í mú omi dúró. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú abẹ́ kòkó tàbí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dára, kó jìn tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Kí a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí a fún un: bó bá dì mọ́ra tí omi kò kán, ó ṣe déédéé. Bí omi bá pọ̀ jù, àwọn ìgbín á sá kúrò nílẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara pákó. Bó bá gbẹ, wọ́n á wọnú karawun, wọ́n á fi awọ funfun kan dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á sì sùn. Ìgbín tó ń sùn kò jẹun, kò dàgbà, kò sì yé.

Ewé ìbẹ́pẹ, ewé kókò, èso ìbẹ́pẹ tó pọ́n àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni a ń fún un, a ó sì kó àjẹkù kúrò láàárọ̀ kó má baà jẹrà. Kí a gún èèpo ẹyin kúnná, kí a sì bù ú sí i, torí ìgbín tí kò rí i jẹ á máa ha karawun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Àjẹkù ọbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá: iyọ̀ ń pa ìgbín. Ọ̀tá kejì ni ìjàlọ, tó lè pa gbogbo àpótí run lóru kan. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń ki ẹsẹ̀ àpótí bọ inú agolo tí wọ́n da ọ́ìlì mọ́tò tó ti gbó sí.

Ká ní ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20 ìgbín ńlá nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ìgbín kọ̀ọ̀kan ní akọ àti abo lára, nítorí náà gbogbo wọn ló lè yé lẹ́yìn tí wọ́n bá gun ara wọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá yé ẹyin 8, ó di 160. Wọ́n á pa lẹ́yìn oṣù kan tàbí kó lé díẹ̀. Bí 120 bá pa, tí 30 sì kú ní kékeré, 90 ló kù. Àwọn yìí á lo ọdún kan ó kéré tán kí wọ́n tó tó títà. Ẹni tó ń retí owó oúnjẹ oṣù tó ń bọ̀, iṣẹ́ yìí kò bá a mu.

Ìgbà òjò kọ́ ni ìgbà títà, torí àwọn tó ń ṣa ìgbín nínú igbó ti kó o kún ọjà. Láti oṣù Ọ̀pẹ́ títí dé Ẹrẹ́nà, tí ti igbó ti sùn, ni owó rẹ̀ ń gòkè. Ẹni tó bá fẹ́ tà nígbà náà gbọ́dọ̀ máa wọ́n omi sí iyẹ̀pẹ̀ déédéé kí tirẹ̀ má baà sùn. Kí ó tó pe ẹnikẹ́ni, kí ó rán ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, kí ó sì ti pinnu iye tirẹ̀, torí ìdúnàádúrà ló máa ń fi owó onítìjú ṣòfò. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣà wọ́n sínú abọ́ mẹ́ta: 30 ńlá, 40 àárín, 20 kékeré. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí oníbúkà tàbí alájàpá tó ti mọ̀ tó: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ìgbín ti ṣetán: ńlá 20, àárín 40. Iye tá a sọ níjọ́sí náà ni." Kékeré 20 á padà sínú àpótí láti dàgbà sí i, 10 tó tóbi jù nínú àwọn ńlá á sì dara pọ̀ mọ́ àwọn ìyá wọn, kí wọ́n lè yé nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀.