Bí Oògùn Ínhélà Ṣe Ń Dé Ẹ̀dọ̀fóró Ọmọ

Ìlú ìjàkadì ni wọ́n mọ Ọ̀fà sí, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, tí eruku bá gba ìgboro kan, ìjàkadì mìíràn a máa wáyé nínú ilé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ásímà. Àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí èémí ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà á fún pọ̀, àyà rẹ̀ á sì máa dún bí fèrè. Salibútámọ́ọ̀lù ni oògùn tí ń tú wọn sílẹ̀. Inú agolo ínhélà ni ó wà, Fẹ́ntólíìnì sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ohun tí kò yé gbogbo òbí ni pé oògùn náà lè jáde nínú agolo kí ó má sì dé ẹ̀dọ̀fóró.

Bí wọ́n bá tẹ agolo náà, oògùn a fò jáde bí ọta ìbọn. Bí ọmọ bá fi ẹnu gbà á tààrà, ẹ̀yìn ọ̀fun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́, ọmọ yóò sì gbé e mì lásán. Ó ṣòro fún àgbàlagbà pàápàá láti tẹ agolo kí ó sì fa èémí sínú lẹ́ẹ̀kan náà, áńbọ̀sì ọmọdé tí ẹ̀rù ń bà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe sípéésà. Ike onínú gbàgede ni, ínhélà wọ ìdí rẹ̀, ẹnu ọmọ wà ní ìpẹ̀kun kejì. Inú ike yìí ni oògùn yóò ti rọlẹ̀ kí ọmọ tó fà á.

Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí dókítà sì ní kí ó fa oògùn lẹ́ẹ̀mejì, kí ó jókòó ṣánṣán. Kí ìyá rẹ̀ ṣí ìdérí, kí ó wò ó bóyá nǹkan há sí ẹnu ínhélà, kí ó sì mì ín dáadáa kí ó tó kì í bọ ike. Bí ínhélà bá jẹ́ tuntun, tàbí tí wọn kò lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ yóò rọra mí jáde, yóò fi ẹnu ike sí àárín eyín, yóò sì pa ètè mọ́ ọn pinpin. Ìyá yóò wá tẹ agolo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láìyọ ẹnu, ọmọ yóò fi ẹnu mí sínú, yóò sì mí jáde, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Lẹ́yìn bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún agolo mì, kí wọ́n sì ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn tí ń kánjú a máa tẹ agolo lẹ́ẹ̀mejì pa pọ̀. Èyí kò dára, nítorí oògùn náà yóò kọlu ara rẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ ara ike. Àwọn ike kan máa ń sú fèrè. Bí ó bá dún, ọmọ ń yára fà jù. Bí fáàfù inú ike kò bá mira, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé imú ni ọmọ fi ń mí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ ike náà tún ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá fi aṣọ nu inú rẹ̀ gbẹ, ike yóò ní agbára tí ń fa oògùn mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí kóòmù tí wọ́n fi ya irun ṣe ń fa bébà. Omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ lóṣooṣù, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ gbẹ.

Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó lè ra sípéésà. Ínhélà gan-an tilẹ̀ wọ́n gógó lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Gílásò-Sìmíìtì-Kíláìnì kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ní ìlú Kéépú Táùn, Dókítà Hẹ́da Sáà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ìgò ike lásán wò lára àwọn ọmọ ọdún 5 sí 13 tí ikọ́ fée gbé dé ilé-ìwòsàn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Ìgò tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí etí ihò rẹ̀ ṣiṣẹ́ bí sípéésà tí wọ́n ń rà. Ife ike fúfúyẹ́ ni kò ṣe dáadáa. Ìgò ìdajì lítà ni. Wọ́n á fi wáyà gbígbóná lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ó bá ẹnu ínhélà mu gẹ́lẹ́, wọ́n á sì fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbà mu omi ni ọmọ yóò máa gbà mí. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ bí ti àkọ́kọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ pátápátá kí ọmọ tó lò ó.

Bí ikọ́ náà bá gbé ọmọ lójijì, àwọn dókítà Ìlú Ọba ní kí wọ́n tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bí kò bá rọlẹ̀, ilé-ìwòsàn yá. Ọmọ tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, kí wọ́n má dúró kà á dé mẹ́wàá. Kí wọ́n máa fún un lójú ọ̀nà.