Ìyẹ́ Pupa Inú Fọ́tò: Ti Odídẹrẹ́ ni Tàbí ti Àlùkò?

Bí ìyẹ́ pupa kan bá wà nínú fọ́tò, ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní ìkóóde ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí oòrùn tàbí iná lè yí pupa padà nínú fọ́tò.

Ọ̀pá àárín ìyẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí apá kan ọ̀pá náà bá tẹ́ẹ́rẹ́, tí èkejì sì fẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ tún tẹ̀ díẹ̀, ìyẹ́ apá tí ẹyẹ fi ń fò ni. Bí ìhà méjèèjì bá fẹ̀ dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹ́ àárín ìrù. Ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìrù kì í sábà dọ́gba tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń wọlé.

Ìrù ni pupa odídẹrẹ́ wà. Ìyẹ́ rẹ̀ kúrú, ó sì pupa látòkè délẹ̀. Ti àlùkò wà ní apá: ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, pupa rẹ̀ ṣókùnkùn, etí àti ṣóńṣó rẹ̀ sì máa ń dúdú. Bàbà wà nínú èròjà tó ń fún ìyẹ́ àlùkò ní pupa. Kò sí nínú ti odídẹrẹ́.

Ká ní ìyẹ́ inú fọ́tò tẹ̀, ìhà kan rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ sì dúdú: ẹbí àlùkò ni a ó kọ, a kò ní dárúkọ ẹ̀yà kan pàtó. Bí rúlà kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gígùn rẹ̀ kò ṣeé fi ṣẹ̀rí. Bí pupa bá dé ìdí ọ̀pá tó máa ń wọ inú awọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n rẹ láró.