Ọ̀rọ̀ Aṣínà Kì í Gbé Inú Kóòdù

Ní ọdún 2016, àwọn ọkùnrin méjì kan ráyè wọ ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù fún Uber, ilé-iṣẹ́ tí a fi ń pe ọkọ̀ lórí fóònù, ń kó iṣẹ́ wọn sí lórí GitHub. Ibẹ̀ kì í ṣe gbangba, ilé-iṣẹ́ náà ti tì í pa. Ṣùgbọ́n àárín kóòdù ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àká tí Uber ń háyà lọ́dọ̀ Amazon wà, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé lè kà á. Àwọn méjèèjì kà á, wọ́n sì fi ṣí àká náà. Wọ́n kó orúkọ, í-meèlì àti nọ́ńbà fóònù àwọn èrò ọkọ̀ àti awakọ̀ tó tó mílíọ̀nù 57, pẹ̀lú nọ́ńbà láísẹ́ǹsì awakọ̀ bí 600,000 ní Amẹ́ríkà. Uber fún wọn ní 100,000 dọ́là kí wọ́n lè pa ohun tí wọ́n kó rẹ́, kò sì sọ fún ará ìlú títí di oṣù kọkànlá ọdún 2017. Nígbà tó di 2018, ó gbà láti san mílíọ̀nù 148 dọ́là kí ẹjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà lè parí. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí ní 2014, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wọn kan wà lójú táyé lórí GitHub kan náà.

Ìkánjú ló sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà dé inú kóòdù. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ètò náà gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọ dátábéèsì kó tó lè mọ iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ti dá. Ó bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀:

```
password = "Gbede7193"
```

Ètò ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ sanwó. Ṣùgbọ́n kóòdù kì í jókòó sójú kan. Ó ń lọ sórí kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tó bá dá sí iṣẹ́ náà, títí kan ẹni tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́, ọ̀rọ̀ aṣínà sì ń bá a dé gbogbo ibẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Bí ètò kan bá ti ń dìde, kọ̀ǹpútà máa ń fún un ní àkójọ àwọn orúkọ pẹ̀lú ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan dúró fún. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹnfáyárọ́mẹ́ntì fáríábù. Orúkọ nìkan ni kóòdù yóò mọ̀:

```
import os
password = os.environ["DB_PASSWORD"]
```

Ọ̀rọ̀ aṣínà gan-an yóò wà nínú fáìlì kan lórí sáfà, bíi `/etc/ajo.env`, tí a fi `chmod 600` dè kó má baà sí ẹlòmíì tó lè ṣí i yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín àti ọ̀gá sáfà. Lórí Linux, ìlà `EnvironmentFile=/etc/ajo.env` nínú ètò systemd ni yóò gbé e fún ètò wa.

Àwọn kan á ṣe èyí tán, wọ́n á tún kọ `os.environ.get("DB_PASSWORD", "Gbede7193")`, kí ètò má baà kọsẹ̀ bí fáìlì bá sọnù. Àṣìṣe ńlá ni, torí ọ̀rọ̀ aṣínà ti padà sínú kóòdù nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó kọsẹ̀. `KeyError` tó bá jáde lójú ẹsẹ̀ yóò sọ ohun tó sọnù fún wa.

Ọ̀nà yìí náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá ti di ọ̀gá lórí sáfà lè ka àkójọ náà nínú `/proc`, ojú ìwé `phpinfo()` tí ẹnì kan gbàgbé sórí ìkànnì sì lè tú u síta fún ẹni gbogbo. Bákan náà, kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà oníbàárà kò lè pa àṣírí kankan mọ́, torí ọwọ́ oníbàárà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá ti wọ inú kóòdù rí, pípa ìlà náà rẹ́ kò tó, nítorí Git ń tọ́jú gbogbo ohun tí a ti kọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá a wò:

```
git log -p --all -S 'Gbede7193'
```

Bó bá jáde, ẹ kà á sí ohun tó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Nínú dátábéèsì PostgreSQL, ẹ tẹ `\password ajo_app` nínú psql láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ẹ kọ tuntun náà sínú fáìlì orí sáfà, kí ẹ sì tún ètò gbé dìde. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá rí ti àtijọ́ nínú ìtàn Git kò lè fi wọlé mọ́.